Bí ẹ ṣe lè kọ ìjábọ̀ kọ́fáàtì tí ẹlòmíràn lè tún ṣírò: láti ìwé òjò dé ìwọ̀n ẹnu

Ẹni tó máa ka ìjábọ̀ kọ́fáàtì yín jù ni ẹnjinía tó máa ṣí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà, tàbí nígbà tí àgbàrá bá ti wọ ilé ẹni tó ń gbé lókè odò. Ohun mẹ́ta ló máa wá nínú rẹ̀: òjò wo ni wọ́n lò, báwo ni wọ́n ṣe rí i, kí ló sì dé tí ẹnu kọ́fáàtì fi tóbi tó báyìí. Ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ kì í dáhùn èyí tó wà láàárín. Wọ́n á kọ "líle òjò: mílímítà 111 ní wákàtí kan" bí ẹni pé àwọsánmà ló fúnra rẹ̀ sọ ọ́, wọn ò sì ní sọ ibi tí 111 ti wá.

Ìlànà kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú látòkèdélẹ̀: níbikíbi tí ẹ bá ti yan nǹkan, ẹ kọ ohun tí ẹ yàn, ẹ kọ èyí tí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tí ìṣàn omi máa fi yí padà ká ní èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ mú. Mo máa fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí mo ṣe fún ìtọ́sọ́nà yìí hàn yín. Odò kékeré kan gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wá síbẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 62. Ọ̀nà tó jìn jù tí omi lè rìn níbẹ̀ jẹ́ mítà 1,350, ó sì fi mítà 27 rẹlẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilé kan wà létí odò náà, lókè ọ̀nà díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ààlà sílẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀

Omi máa kórajọ níwájú kọ́fáàtì kó tó wọ inú rẹ̀. Bó ṣe lè ga tó láìṣe ẹnikẹ́ni níbi ni ààlà yín, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ohun tí a ń fojú dá. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìsàlẹ̀ ẹnu kọ́fáàtì wà ní mítà 100.00, ibi tí etí ọ̀nà ti rẹlẹ̀ jù wà ní 103.60, ilẹ̀ inú ilé náà sì wà ní 102.90.

Ká ní ọ̀nà nìkan la wò, tí a sì fi ìdajì mítà sílẹ̀ fún ààbò, omi á lè dé 103.10. Ṣùgbọ́n ilé náà rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi mítà 0.30 sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ilé, ààlà wa di 102.60, ìyẹn mítà 2.60 sókè láti ìsàlẹ̀ kọ́fáàtì. Ilé ló pinnu, ọ̀nà kọ́. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sínú ìjábọ̀ bó ṣe rí.

Ìdí tí mo fi ní kó ṣáájú ni pé, bí ìṣirò bá ti parí, tí páìpù tó wà nílẹ̀ sì kù díẹ̀ kó tó, ó máa ń wu ènìyàn láti dín àyè ààbò kù. Ààlà tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kì í rọrùn láti sún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ìwé òjò wò kí ẹ tó gbà á gbọ́

Ohun tí ẹ sábà máa rí gbà ni òjò ojoojúmọ́: iye mílímítà tí olùka òṣùwọ̀n kọ sílẹ̀ ní àràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọdún 32 la rí. Kí ẹ tó mú òjò tó pọ̀ jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ kọ́kọ́ ya òfo sọ́tọ̀ kúrò lára àìkọ. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ka òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá da ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, méjèèjì sábà máa ń di òfo. Bí ẹ bá rí òfo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin oṣù kan láàárín àkókò òjò, nígbà tí ibùdó tó wà nítòsí ní òjò dáadáa, àìkọ ni. Ọdún tó pàdánù oṣù òjò ńlá rẹ̀ kò lè sọ òjò tó pọ̀ jù fún yín. Ẹ yọ ọ́. Ọdún tó pàdánù oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan lè dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye òjò ńlá tó bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Òjò kò mọ ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì. Bí òjò ńlá bá pọ̀ jù ní ọjọ́ Ajé, tí Sátidé àti Àìkú sì ń fi òfo hàn léraléra, olùka kò wá ní òpin ọ̀sẹ̀ nìyẹn, òjò ọjọ́ mẹ́ta ló sì kọ sí ọjọ́ kan. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì ti tú àṣìṣe tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo òjò tó ga jù nínú gbogbo ìwé náà. Ṣé 12.5 ló di 125 nítorí pé àmì ìdá bọ́ sọnù? Ṣé àpapọ̀ oṣù ni wọ́n kọ sí ojú ìlà ọjọ́? Ẹ fi wé ohun tí ibùdó tó wà nítòsí kọ lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ ẹ má yọ òjò kan kúrò torí pé ó pọ̀ nìkan. Òjò ńlá gan-an là ń wá. Ẹ̀rí pé wọ́n ṣi í kọ ni kó yọ ọ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ọdún méjì ló jáde, torí wọn ò kọ òjò sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní àárín àkókò òjò. Ó ku ọdún 30. Ìpíndọ́gba òjò ọjọ́ kan tó pọ̀ jù lọ́dún jẹ́ mílímítà 92, ìyapa wọn láti ìpíndọ́gba sì jẹ́ mílímítà 24. Ẹ to ọgbọ̀n iye náà sínú àfikún ìjábọ̀, kí ẹ sì dárúkọ ọdún tí ẹ yọ pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan òjò ìdíwọ̀n

Òjò ìdíwọ̀n ni òjò tí a gbà pé kọ́fáàtì gbọ́dọ̀ lè gbé láìkọjá ààlà. Ìwé ìlànà tó ń darí iṣẹ́ yín ló sábà máa ń sọ bó ṣe yẹ kó ṣọ̀wọ́n tó. Fún ọ̀nà bíi tiwa, mo mú òjò ọdún 25. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ni iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ rò pé lẹ́yìn tó bá rọ̀ lónìí, ó di ọdún 25 kó tó tún rọ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní pé òjò tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ máa rọ̀. Láàárín ọdún 25, àǹfààní pé a máa rí i ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ju ìdajì lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ̀.

Láti rí iye rẹ̀, mo lo ọ̀nà Gumbel, tó bá òjò tó ga jù lọ́dún mu dáadáa tí kò sì ṣòro láti yẹ̀ wò:

```
X = ìpíndọ́gba + K × ìyapa
K = (3.199 − 0.536) / 1.112 = 2.39
X = 92 + 2.39 × 24 = 149 mm
```

K ni ìlọ́po ìyapa tí òjò náà fi ju ìpíndọ́gba lọ. Iye 3.199 ni ti òjò ọdún 25 nínú ọ̀nà Gumbel; 0.536 àti 1.112 wá láti inú àtẹ rẹ̀ fún ìwé òjò ọdún 30. Yíyàn kan farapamọ́ síbí. Àwọn kan ń lo K tó jẹ́ 2.04, èyí tó tọ́ ká ní ìwé òjò wa kò lópin. Ìyẹn á fún wa ní mílímítà 141. Ọdún 30 kì í ṣe àìlópin, nítorí náà mo mú 149. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún un ṣírò tó rí 141 á rò pé ẹ ṣì í ṣírò bí ẹ kò bá sọ èwo lẹ lò.

Ó ku àtúnṣe kan. Olùka ń ka òṣùwọ̀n ní aago kan pàtó ní òwúrọ̀, nígbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ kí aago yẹn tó lù kó sì parí lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì pín in sí ọjọ́ méjì. Nítorí náà, òjò ọjọ́ kan nínú ìwé máa ń kéré sí òjò wákàtí 24 tó pọ̀ jù gan-an. Ohun tí wọ́n sábà fi ń tún un ṣe ni 1.13. Òjò wákàtí 24 wa wá di mílímítà 169.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: láti ọjọ́ kan dé ìṣẹ́jú díẹ̀

Ibí ni kọ́fáàtì ti máa ń kéré láìsí ẹni tó fura, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níbí.

Odò kékeré kì í dúró de òjò wákàtí 24. Òjò tó le fún àkókò tí omi fi ń rìn láti ìkángun ilẹ̀ náà dé ẹnu kọ́fáàtì ló ń fún un ní ìṣàn tó pọ̀ jù. Mo ń pe àkókò yìí ní àkókò ìpéjọ omi. Ọ̀nà Kirpich nìyí, pẹ̀lú gígùn ní mítà àti ìdagẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ 27 pín sí 1,350, ìyẹn 0.02:

```
tc = 0.0195 × L^0.77 × S^(−0.385)
tc = 0.0195 × 1350^0.77 × 0.02^(−0.385) ≈ 23 min
```

Ilẹ̀ oko kéékèèké ni Kirpich fi ṣe ọ̀nà yìí ní 1940, nítorí náà ẹ dán an wò lọ́nà mìíràn. Mítà 1,350 ní ìṣẹ́jú 23 túmọ̀ sí pé omi ń rìn nǹkan bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Fún odò kékeré tó dagẹ̀rẹ̀ báyìí, ó bọ́gbọ́n mu. Ká ní ó fún yín ní mítà mẹ́rin, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí gígùn tàbí sí ìdagẹ̀rẹ̀ yín.

Ní báyìí, nínú mílímítà 169 tó rọ̀ ní wákàtí 24, èló ló lè rọ̀ ní ìṣẹ́jú 23 tó le jù, ìyẹn wákàtí 0.383? Bí kò bá sí ìwé òjò oníṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ máa ń lo òfin ìdá kan nínú mẹ́ta, tó wọ́pọ̀ gan-an ní Íńdíà:

```
P = 169 × (0.383 / 24)^(1/3) = 42.5 mm
i = 42.5 / 0.383 = 111 mm/h
```

111 tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àṣìṣe ìṣirò kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ òfin yìí gbà pé òjò gbogbo ibi máa ń pín ara rẹ̀ lọ́nà kan náà, òjò kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí òjò ńlá ti sábà máa ń jẹ́ òjò àrá, tó ń dà wọ̀ọ̀ fún ìdajì wákàtí tó sì ń dá, ìpín tó pọ̀ jù nínú òjò ọjọ́ kan lè rọ̀ láàárín àkókò kúkúrú. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ wẹ́wẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìpín yẹn kéré.

Nítorí náà, ẹ wá ibùdó tó ní òṣùwọ̀n tó ń kọ òjò fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, bó tiẹ̀ jẹ́ ọdún díẹ̀ ló ní. Ọdún díẹ̀ kò tó láti sọ bí òjò ọdún 25 ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ bí òjò ibẹ̀ ṣe ń pín ara rẹ̀. Ẹ mú òjò tó le jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìpín tó rọ̀ ní ìṣẹ́jú 20 àti 30 tó le jù nínú òjò wákàtí 24 náà, kí ẹ sì mú ìpíndọ́gba wọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ibùdó bẹ́ẹ̀ wà nítòsí tó ní ìwé ọdún mẹ́sàn-án. Ìpín fún ìṣẹ́jú 20 jẹ́ 0.31, ti ìṣẹ́jú 30 jẹ́ 0.37, nítorí náà a gbà 0.33 fún ìṣẹ́jú 23:

```
P = 0.33 × 169 = 55.8 mm
i = 55.8 / 0.383 = 146 mm/h
```

Láti 111 dé 146: ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló lé, orí ìwé òjò kan náà, fún òjò ọdún 25 kan náà. Mo mú 146 torí pé òjò agbègbè yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ ní méjèèjì, kí ẹni tó ń kà á lè rí bí ohun tó rọ̀ mọ́ yíyàn yìí ṣe tóbi tó. Níbi tí kò bá sí ibùdó bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ lo òfin ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ sọ pé òun lẹ lò, kí ẹ sì tún ṣírò ìwọ̀n kọ́fáàtì pẹ̀lú òjò tó fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún le jù ú lọ láti mọ ibi tí omi máa dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣàn omi

Fún ilẹ̀ tó kéré bí èyí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni `Q = C × i × A / 360`, pẹ̀lú A ní hẹ́kítà àti Q ní kúbíkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà kò gbà kí a lò ó kọjá nǹkan bíi hẹ́kítà 80. Bí adágún tàbí irà ńlá bá wà lójú ọ̀nà omi tó ń dá a dúró, kò tọ́ láti lò ó rárá.

C ni ìpín òjò tó di àgbàrá. Nínú hẹ́kítà 62 wa, 20 jẹ́ ilé (0.60), 34 jẹ́ oko àti igbó (0.35), 8 sì jẹ́ ọ̀nà àti ilẹ̀ tí wọ́n ti fi kọnkéré bò (0.90). Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 0.50. Ṣùgbọ́n kọ́fáàtì á wà níbẹ̀ fún ìran kan, igbó kì í sì í dúró ní igbó lẹ́bàá ọ̀nà tuntun. Bí hẹ́kítà 15 nínú oko bá di ilé, C á di 0.56. Èyí ni mo lò, torí kò bójú mu kí ẹni tó kọ́ ilé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ máa ti omi sínú ilé ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iye mẹ́rin tó yẹ kó wà lójú ewé kan nìyí. Pẹ̀lú òjò 111 àti ilẹ̀ bó ṣe rí lónìí, ìṣàn jẹ́ kúbíkì mítà 9.6. Òjò 111 pẹ̀lú ilẹ̀ ọjọ́ iwájú fún wa ní 10.7. Òjò 146 pẹ̀lú ilẹ̀ òní jẹ́ 12.6. Òjò 146 pẹ̀lú ilẹ̀ ọjọ́ iwájú jẹ́ 14.1, òun sì ni a ó lò. Ẹni tó bá wo iye mẹ́rin yìí á rí i lójú ẹsẹ̀ pé yíyàn òjò wúwo ju yíyàn ilẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwọ̀n ẹnu

Ohun méjì ló lè dí omi lọ́wọ́ nínú kọ́fáàtì. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ló há, tí inú rẹ̀ ì bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì lè jẹ́ pé inú kọ́fáàtì tàbí omi tó ti kún nísàlẹ̀ odò ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ ṣírò gíga omi níwájú ẹnu lọ́nà méjèèjì, kí ẹ sì mú èyí tó ga jù. Fún kọ́fáàtì kúkúrú tó dagẹ̀rẹ̀ bíi tiwa (gígùn mítà 14, ìdagẹ̀rẹ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún), ẹnu ló sábà ń pinnu. Nígbà tí omi bá bo ẹnu dáadáa, èyí ni ìlànà `HDS-5` ti àjọ òpópónà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà:

```
HW/D = c × (1.811 × Q / (A × √D))² + Y
páìpù kọnkéré, etí gígún:     c = 0.0398, Y = 0.67
onígun mẹ́rin, ògiri apá:      c = 0.0347, Y = 0.81
```

HW ni gíga omi láti ìsàlẹ̀ ẹnu, D ni gíga ẹnu, A ni ààyè ẹnu kan, Q sì ni ìṣàn tó gba inú ẹnu kan náà. Ìdagẹ̀rẹ̀ náà ní ipa díẹ̀ nínú ìlànà yìí, ṣùgbọ́n níbí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, mo sì fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páìpù mẹ́ta oní-mílímítà 1,200, torí òun ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ rò. Ká ní a dúró lórí òjò 111, ìṣàn á jẹ́ 10.7, omi á sì dé mítà 2.10. Ààlà wa jẹ́ 2.60. Ìjábọ̀ á kọ "ó tó" pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Pẹ̀lú 14.1, páìpù mẹ́ta yẹn kan náà gbé omi dé mítà 3.05, ilẹ̀ ilé sì wà ní 2.90. Omi ti wọ yàrá. Ìyàtọ̀ láàárín òfin ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìwé òṣùwọ̀n ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, ìyẹn ni mo sì ṣe ní kí ẹ fara balẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Páìpù mẹ́rin gbé e dé 2.07, tó wà lábẹ́ ààlà. Kọ́fáàtì onígun mẹ́rin alẹ́nu méjì, mítà 1.5 sí 1.5 kọ̀ọ̀kan, gbé e dé 2.33. Lórí ìwé, méjèèjì yè. Ṣùgbọ́n odò kì í gbé omi nìkan wá. Ó ń gbé ẹ̀ka igi, ewé àti pàǹtí. Nítorí náà, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣírò bí ẹni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ààyè ẹnu ti dí:

| Ohun tí a yẹ̀ wò | Ẹnu mọ́ | Ìdá kan nínú mẹ́rin dí |
|---|---|---|
| Páìpù 3, 1,200 mm | 3.05 m | omi bo ọ̀nà |
| Páìpù 4, 1,200 mm | 2.07 m | 3.05 m |
| Ẹnu 2, 1.5 × 1.5 m | 2.33 m | 3.20 m |
| Ẹnu 2, 2.0 × 1.5 m | 1.75 m | 2.33 m |

Ẹ wo ìlà kejì. Bí igi kan bá dábùú ẹnu páìpù kan ṣoṣo nínú mẹ́rin, omi ti wọ ilé. Páìpù mẹ́rin sì ní ògiri mẹ́ta láàárín wọn tí igi lè há sí. Wọ́n tún fẹ̀ ju odò lọ. Pẹ̀lú àyè tó wà láàárín wọn, wọ́n á gbà tó mítà méje nígbà tí ìsàlẹ̀ odò kò ju mítà mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá fi páìpù sí ibi tó fẹ̀ ju odò, àwọn tó wà létí kì í rí omi tó ń sáré lójoojúmọ́. Iyanrìn á jókòó sínú wọn, koríko á sì hù. Kí òjò ńlá tó dé, méjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi yan ẹnu méjì oní-mítà 2.0 ní fífẹ̀ àti 1.5 ní gíga. Ó bá fífẹ̀ odò mu, ògiri àárín kan ṣoṣo ló ní, bó bá sì dí díẹ̀, omi ṣì kù lábẹ́ ààlà. (1.75 tó wà nínú àtẹ kò wá láti inú ìlànà tó wà lókè yìí. Omi kò tíì bo ẹnu náà tó fún un, nítorí náà mo lo èyí tí ìwé kan náà fún ẹnu tí omi kò bò.) Mo tún wò ó láti apá ìsàlẹ̀: pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀ odò tó jẹ́ mítà 1.1, gíga omi níwájú ẹnu jẹ́ nǹkan bíi 1.6, tó kéré sí 1.75. Ẹnu ló pinnu lóòótọ́.

Ó máa gba kọnkéré tó pọ̀ ju ti ẹnu 1.5 lọ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni owó rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí àfikún yẹn rà fún un: pé ẹ̀ka igi kan kò ní lé ìdílé kan jáde kúrò nínú ilé wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: òjò tó ju òjò ìdíwọ̀n lọ, àti ibi tí omi ti ń jáde

Ẹ ṣírò òjò ọdún 100 pẹ̀lú. Ọ̀nà kan náà ni. K di 3.65, ìṣàn sì di nǹkan bíi 16.9. Pẹ̀lú ẹnu tó mọ́, omi dé mítà 2.1. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá tún dí lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó dé nǹkan bíi 2.8, tó ti kọjá ààlà 2.60 ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ilẹ̀ ilé. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ààlà kò dúró ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, omi lè jáde pẹ̀lú eré tó tó mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ilẹ̀ lásán kò lè gbà á. Á gbẹ́ kòtò sídìí kọ́fáàtì, kòtò náà á sì máa padà sẹ́yìn títí ìpìlẹ̀ á fi hàn. Òkúta títò gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán àti nínú iye owó iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ òkúta tí kò ní jẹ́ kí omi fa iyanrìn jáde láàárín wọn.

Bí ojú ewé ìpinnu ṣe yẹ kó rí

Ẹ fi ìpinnu sí ojú ewé kìíní ìjábọ̀, kí gbogbo ìṣirò tẹ̀ lé e. Èyí tó bá àpẹẹrẹ wa mu nìyí:

> A yan kọ́fáàtì kọnkéré onígun mẹ́rin alẹ́nu méjì, mítà 2.0 sí 1.5 kọ̀ọ̀kan, fún ìṣàn kúbíkì mítà 14.1 láti òjò ọdún 25. Omi níwájú ẹnu á dé 101.75; ààlà jẹ́ 102.60, tí ilẹ̀ ilé tó wà lókè odò pinnu. Ọdún 30 nínú òjò ojoojúmọ́ la lò. Bí òjò ṣe pín sí ìṣẹ́jú wá láti ìwé òṣùwọ̀n ọdún mẹ́sàn-án tó wà nítòsí. Òfin ìdá kan nínú mẹ́ta ì bá mú ìṣàn wá sí 10.7. A mú ẹnu tóbi ju ohun tí ìṣàn nìkan béèrè lọ, kí omi má bàa kọjá ààlà bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bá dí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ àwọn ohun tó lè sọ ìṣirò yìí di èyí tí kò wúlò mọ́: bí ilé tuntun lórí ilẹ̀ náà bá ti ju hẹ́kítà 15 lọ, bí wọ́n bá darí omi láti ilẹ̀ mìíràn wá sínú odò yìí, bí ìwé òṣùwọ̀n oníṣẹ́jú bá ti gùn sí i tí ìpín 0.33 sì yí padà, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá tún kọ́ ilé tó rẹlẹ̀ ju 102.90 lọ sí etí odò lókè kọ́fáàtì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú ọ̀nà tún ìṣirò náà ṣe láti ìgbésẹ̀ tó kàn án.